Ẹ Sọ Bí Ẹ Ṣe Ṣírò Èrè Òwò Yín Kí Ẹ Tó Náwó Lé E

Aṣèṣirò: Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Kíláàsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ dá sílẹ̀, níbi tí èèyàn á ti máa san 10 lóṣooṣù láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò. Owó yòówù tí ẹ bá ń ná, ìṣirò náà ò yí padà. Mo kọ ojú ewé kan péré, mo sọ ohun tí màá kọ́ wọn àti iye tí wọ́n máa san, mo sì gbé e síbi tí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ń péjọ sí. Láàárín oṣù kan, nǹkan bí 300 èèyàn ṣí i wò. Àwọn 24 ní àwọn fẹ́. Ìgbà tí mo wá ní kí wọ́n san owó oṣù àkọ́kọ́ sílẹ̀, pé màá dá a padà bí kíláàsì ò bá bẹ̀rẹ̀, 6 ló san. 6 yẹn ni mo fi ń ṣírò. Ìnáwó oṣooṣù á jẹ́ 400: 80 fún ìkànnì àti irinṣẹ́, 320 fún ẹni tó máa bá mi to fídíò.

Ọmọ Ọjà: Èyí ò le. Pín 400 sí 10, èèyàn 40 ni. Bí 6 bá ń wọlé lóṣooṣù, ó pé lóṣù keje. Ẹ bẹ̀rẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n!

Ìyá Oníkíláàsì: Ọmọ Ọjà, ọ̀nà tí o gbà yẹn dáa, àmọ́ 10 kọ́ ló máa délé. Àwọn tó ń bá wa gba owó á yọ 1, ìdáhùn ìbéèrè àti ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ á jẹ 1 míì. 8 ló kù, nítorí náà èèyàn 50 ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé o gbàgbé àwọn tó ń lọ. Mo ti ṣe irú kíláàsì yìí, nínú 100, nǹkan bí 10 ló ń dáwọ́ owó dúró lóṣooṣù. Bí o bá ní 20, 2 á lọ, 6 á wọlé, inú ẹ á dùn. Bí o bá dé 60, 6 á lọ, 6 á wọlé, o dúró sójú kan nìyẹn. O ò lè kọjá 60, bó o tiẹ̀ ṣe é fún ọdún mẹ́wàá. Mo tò ó lóṣù lóṣù sórí ìwé: oṣù 17 kí ó tó pé 50. Gbogbo oṣù tó ṣáájú yẹn, àpò ara ẹ lo fi ń dí i, àpapọ̀ rẹ̀ á sì tó nǹkan bí 2,200. Iye yẹn gan-an ni owó tí òwò náà máa gbà lọ́wọ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ 15 nínú 100 ló ń lọ, 40 lo máa mọ, o ò ní rí 50 láéláé.

Alágbàṣe: Kò yé mi o. Mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní 600, èrè 3 ló wà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn iṣẹ́ 200 owó mi ti padà. Ta ló ń lọ níbẹ̀?

Ìyá Oníkíláàsì: Tìrẹ yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni oníbàárà ń san fún ọ. Iye iṣẹ́ tó ń wọlé lọ́sẹ̀ ni kí o máa kà.

Aṣèṣirò: Ẹ ṣé, mà. Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tó ń lọ nígbà tí n kò tíì bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Oníkíláàsì: O ò lè mọ̀ ọ́n. Fi 5, 10 àti 15 ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ 5, oṣù 11 lo máa dé 50. Bí òwò náà bá ń gbé ọ nígbà tó jẹ́ 5 nìkan, má fọwọ́ kàn án. Tún bi ara ẹ bóyá àwọn 300 míì wà tí wọ́n máa ṣí i wò lóṣù tó ń bọ̀, torí àwọn tó sún mọ́ wa máa ń tán kíákíá.

Aṣèṣirò: Tí mo bá fọwọ́ ara mi to fídíò, 320 kúrò. 80 pín sí 8, èèyàn 10. Oṣù kejì ni, kódà bí 15 bá ń lọ.

Ọmọ Ọjà: Ìyẹn ló dáa jù!

Alágbàṣe: Wákàtí tẹ́ ẹ máa fi tò ó ńkọ́? Èmi máa ń kọ owó ọ̀yà ara mi sínú ìnáwó.

Ìyá Oníkíláàsì: Èmi kì í kọ ọ́ ní ọdún àkọ́kọ́. Ohun tí mo ń wò nígbà yẹn ni bóyá òwò á lè san owó tó ń jáde lápò mi.

Alágbàṣe: Mi ò gbà, mà. Bí n kò bá kà á, 600 mi á dà bíi pé ó ti padà nígbà tí ọ̀sán àti òru mi ṣì wà nínú ẹ̀.

Aṣèṣirò: Màá to fídíò kan, màá ka wákàtí tó gbà mí, kí n tó sọ èyí tí màá lò nínú méjèèjì.