Ẹran inú firísà: ká fi sórí tábìlì mọ́jú, àbí inú fíríìjì, àbí inú omi?

Ìyá Tóbi (Tòróńtò, mo wà ní Kábbà lọ́wọ́lọ́wọ́)
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ilé wa. Ẹran màlúù tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó màmá wa ti lẹ̀ mọ́ra nínú firísà, ó di òkúta kan ṣoṣo, bíi kílò 3. Lálẹ́ àná ní aago 10, màmá gbé e sínú abọ́ lórí tábìlì ilé ìdáná kí ó lè yọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Mo ní ká gbé e sínú fíríìjì, wọ́n ní ibẹ̀ kò ní í yọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Àǹtí mi ní ká rì í sínú omi tútù bí ẹ ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún. Èwo ni ká ṣe?

Káyọ̀dé (Húsítìn)
Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má da ara yín láàmú. Iná ló ń pa kòkòrò. Bí ẹran bá ti hó dáadáa fún wákàtí kan, kí ló tún kù lára rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ la ṣe jẹ ẹ́ dàgbà ní Ìsánlú.

Àǹtí Fúnmi (Mánṣẹ́sítà)
Káyọ̀dé, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Híhó a máa pa ọ̀pọ̀ kòkòrò ara ẹran. Àmọ́ àwọn kan wà tó máa ń tu oró sínú oúnjẹ kó tó dé orí iná. Ọ̀kan ni stafilokọ́kọ́ọ̀sì, tó máa ń wà nínú imú àti lọ́wọ́ àwa èèyàn. Tó bá ti ráyè pọ̀, híhó á pa òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n oró tó ti tu kò ní í lọ. Ẹni tó jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹran náà lè má rùn, àwọ̀ rẹ̀ sì lè má yí padà, torí náà ẹ má gbára lé imú.

Ilé ìdáná ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ìyá Tóbi, ẹ wo ẹran yẹn bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ. Ìta ló ti ń yọ́, kì í ṣe inú. Ní aago 10, gbogbo rẹ̀ le gbagidi. Tó bá máa fi di ọ̀gànjọ́, ìta ti ń dẹ̀, nígbà tí àárín ṣì jẹ́ yìnyín. Tí màmá bá jí ní aago 6 tí wọ́n fọwọ́ kàn án, tí àárín ṣì tutù, wọ́n á ní kò tíì ṣe nǹkan kan. Àárín tó tutù yẹn ló ń tan èèyàn jẹ, torí ìta ti wà nínú ooru ilé fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Láti nǹkan bí digrí 5 dé 60 ni kòkòrò ti ń gbilẹ̀. Ìlànà Amẹ́ríkà ni pé ẹran kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta. Tí ooru bá sì kọjá digrí 32, wákàtí 1 péré. Ẹ̀yin náà mọ bí ooru Kábbà ṣe ń rí lóṣù kẹta.

Káyọ̀dé (Húsítìn)
Ó yé mi, àǹtí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fi ṣe àwọn ìyá wa ní nǹkan kan?

Àǹtí Fúnmi (Mánṣẹ́sítà)
Láyé ìgbà tiwọn, ẹran tí wọ́n pa lówùúrọ̀ ni wọ́n ń rà lọ́jà. Wọ́n á sè é lọ́jọ́ náà, tàbí kí wọ́n yan án. Firísà ló mú ọ̀rọ̀ gbígbé ẹran sílẹ̀ mọ́jú wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú tó ń run ẹlòmíràn nígbà náà, ibà la máa ń pè é.

Olú (Dọ́bílìn)
Ẹ̀yin àgbà, tí iná bá lọ ní Mọ̀pà fún ọjọ́ kan gbáko, ṣé kí àbúrò mi kó gbogbo ẹran firísà sínú omi ni?

Àǹtí Fúnmi (Mánṣẹ́sítà)
Rárá o, Olú, ìyẹn tún yàtọ̀. Kó má ṣí firísà náà rárá. Tó bá kún dẹ́nu, ó lè tó ọjọ́ 2 kó tó yọ́. Tó bá jẹ́ ìdajì, ọjọ́ 1. Èyí tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀ ṣeé dá padà sí dídì. Ti fíríìjì kò pẹ́ bẹ́ẹ̀, bíi wákàtí 4 ni, bí wọn kò bá ṣí i.

Ìyá Tóbi, mo padà sọ́dọ̀ yín. Òótọ́ ni màmá sọ nípa fíríìjì. Kílò 2 lé díẹ̀ máa ń gba nǹkan bí odidi ọjọ́ kan, torí náà kílò 3 lè gba ọjọ́ kan àtààbọ̀. Ẹran tẹ́ ẹ fẹ́ sè lọ́sàn-án Sátidé, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, nínú abọ́ tó jinlẹ̀, kí omi rẹ̀ má kán sórí tòmátì. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé bí ẹ kò bá sè é mọ́, ẹ lè dá a padà sí firísà.

Ti omi ńkọ́? Ibí ni àǹtí yín gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra. Omi ẹ̀rọ wa nígbà òtútù ń gé ni lọ́wọ́. Omi bóhólù Kábbà kò tutù bẹ́ẹ̀, kò jìnnà sí ooru ilé. Ẹ fi náílọ̀n tí kò jò di ẹran náà, ẹ rì í mọ́ inú bàkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ kó píọ̀ wọ́tà tó ti dì bíi mélòó kan sínú omi náà. Ẹ pààrọ̀ omi ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, kẹ́ ẹ sì fi yìnyín mìíràn sí i. Ìdajì kílò lè gba bíi wákàtí kan, kílò 3 lódidi, ó kéré tán wákàtí 3 sí 4. Bó bá ti yọ́ báyìí, orí iná ló ń lọ tààrà, kò padà sí firísà mọ́ láìsè é.

Ó tún ku èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọbẹ̀. Ṣebí ẹ ti gé ẹran ìnáwó yẹn kó tó dì? Kò di dandan kó yọ́ tán. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi oníyìnyín yẹn títí tẹ́ ẹ máa fi lè fọwọ́ ya á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ dà á sínú ìkòkò. Ẹran tó ṣì dì nínú máa ń pẹ́ lórí iná, bíi ìlọ́po kan àtààbọ̀ àkókò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò léwu.

Ìyá Ìbejì (Lọ́ńdọ̀nù)
Ẹja táítọ́ọ̀sì ni tèmi, mo ń kó o sínú omi ẹ̀rọ fún bí ogún ìṣẹ́jú kí n tó gé e. Ṣé kí n kó yìnyín sí i lóòótọ́?

Àǹtí Fúnmi (Mánṣẹ́sítà)
Ẹja kò nípọn, kíá ló ń yọ́. Ogún ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ sì gbé e kaná lójú ẹsẹ̀, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn kan nídìí iṣẹ́ wa kì í gbà bẹ́ẹ̀ ṣá o.

Ìyá Tóbi (Kábbà)
Ẹ ṣeun púpọ̀. Èyí tó sùn lórí tábìlì lánàá ńkọ́? Màmá ti sè é.

Àǹtí Fúnmi (Mánṣẹ́sítà)
Èmi kò ní í jẹ ẹ́, n kò sì ní í fún ọmọdé tàbí arúgbó.

Káyọ̀dé (Húsítìn)
Kílò 3 ẹran, pẹ̀lú iye tí ẹran ń tà báyìí? Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ oró yẹn, síbẹ̀ mi ò rò pé mo lè dà á nù.

Ìyá Tóbi (Kábbà)
Màmá náà kò gbà pé ká dà á nù. Mo ti yọ ti àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, adìyẹ ni wọ́n máa jẹ. Ìbéèrè kan ṣì kù: tí mo bá gbé ẹran sínú fíríìjì lálẹ́, tí iná lọ ní aago 1, tó sì dé ní aago 7, kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Fúnmi (Mánṣẹ́sítà)
Bí yìnyín bá ṣì pọ̀ lára ẹran náà, yìnyín ọ̀hún á jẹ́ kí inú fíríìjì tutù pẹ́. Bó bá ti yọ́ tán kí iná tó lọ, irinṣẹ́ ìwọ̀n-ooru nìkan ló lè sọ. Ẹ gbé ọ̀kan sí orí pẹpẹ àárín. Tó bá ti ju digrí 5 lọ fún wákàtí 2, ẹ má lò ó.

Olú (Dọ́bílìn)
Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo lè fi ìwọ̀n-ooru fíríìjì méjì rán an, ọ̀kan fún Kábbà, ọ̀kan fún Mọ̀pà. Ìyá Tóbi, ẹ sọ ibi tó máa gbé tiyín sí.