Ìwé máàkì tí a kọ fún sítéṣọ̀n ìfúnpá

Ọmọ Ìpẹ́rù: Ẹ kú ilé o. Ṣágámù ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi mú ìbéèrè kan nínú ọ́sìkì, ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ lójú olùdánniwò: kí a wọn ìfúnpá ìyá ẹni ọdún 52 láàárín ìṣẹ́jú 5. A sọ ọ́ di ìwé máàkì onílà 24. Mo ń ṣe é fún ìyá onígaàrí ìtòsí wa, ọ̀rẹ́ mi ń dán mi wò. Aago dún, ọ̀rẹ́ mi kò tíì kúrò ní ìlà 9. Ìlà kan ní, "Ó mọ ìdí tí apá fi gbọ́dọ̀ bá ọkàn dọ́gba." Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ibo ni mo ti fẹ́ rí ohun tó o mọ̀?"

Àǹtí Olùkọ́: Àbúrò, ohun tójú rí tàbí tétí gbọ́ ni kó o kọ. "Ó gbé apá ìyá lé tábìlì, ó bá ọkàn dọ́gba." Ó tán. Ẹ má sì so iṣẹ́ méjì mọ́ ìlà kan: ẹni tó fọ ọwọ́ tí kò kí ìyá, èló lẹ ó fún un? Ìsinmi ìṣẹ́jú 5 tó yẹ kí ìyá ṣe ká tó wọ̀n ọ́n kò lè wọ inú ìdánwò ìṣẹ́jú 5, nítorí náà ẹ kọ ọ́ pé ó bi ìyá bóyá ó ti jókòó sinmi.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú báǹdì tí a fi yí apá ká. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ìka sí ìṣàn ọrùn ọwọ́, kó fẹ́ ẹ títí ìṣàn á fi pòórá, kó pe nọ́ńbà náà sókè, torí olùdánniwò kò sí lábẹ́ ìka rẹ̀. Kó tú u, kó sinmi díẹ̀, kó tó gbé sítẹtóskóòpù sí ìgbọ̀nwọ́, kó fẹ́ ẹ kọjá nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú 30, kó wá máa sọ̀ ọ́ ní 2 sí 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn kan wà tí ìró tí à ń gbọ́ nínú sítẹtóskóòpù bẹ̀rẹ̀ ní 178, tó dákẹ́ ní 160, tó tún padà ní 140. Ẹni tó fẹ́ ẹ dé 150 péré á kọ 140 sílẹ̀, á sì rò pé ìfúnpá ìyá kò ga tó bó ṣe ga.

Bọ̀dá Odògbólú: Ẹni tó bá ṣe ìlà kan ṣáájú èyí tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀, kó pàdánù gbogbo máàkì. Ètò ni ètò!

Àǹtí Olùkọ́: Rárá o, Bọ̀dá. Ìka ṣáájú sítẹtóskóòpù, ìyẹn ṣe pàtàkì. Fífọ ọwọ́ kéèyàn tó fọwọ́ kan ìyá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àmọ́ bó bá bi í lórúkọ kó tó bi í lọ́jọ́ orí, kí ló bà jẹ́? "Kó tó" ni kẹ́ ẹ kọ sí ìlà tó nílò rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sí ìyókù.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi ìwé yìí wọn ti ọkọ mi nílé? Apá rẹ̀ tóbi, báǹdì náà kì í yí i ká dáadáa, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń ga.

Àǹtí Olùkọ́: Ìwé ìdánwò lèyí o, Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n báǹdì tó kéré máa ń mú nọ́ńbà ga ju bó ti yẹ lọ. Ẹ wá èyí tó bá apá rẹ̀ mu, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ọmọ Ìpẹ́rù: Ẹ̀n ẹ́n! Nínú gbogbo ìlà 24 wa, a ò kọ báǹdì sí i rárá. A ti dín in kù sí 14, báǹdì wà níbẹ̀ báyìí. Lánàá mo parí ní ìṣẹ́jú 4 àti díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní máàkì 2 ni ti báǹdì, mo ní 1 tó. A ṣì ń bá a fà á.