Èsì: ta ló kọ orin Malaika, Makeba ni àbí ẹgbẹ́ olórin Boney M.?

"Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré ń jà lórí Malaika. Bàbá ní Miriam Makeba ló kọ ọ́, ọ̀rẹ́ wọn ní Boney M. ni. Ta ló jàre?"

Ẹ ṣé gan-an fún ìdáhùn yín sí ìbéèrè mi yìí. Ìmọ̀ràn yín pé ká wo lébẹ́ẹ̀lì àárín àwo ló ṣiṣẹ́. A fa àwo Bàbá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì l'Ókè-Fìà. Mo nu eruku rẹ̀, orúkọ Harry Belafonte, olórin ọkùnrin ará Amẹ́ríkà, àti Makeba sì hàn gedegbe; àwo ọdún 1965 ni. Ọ̀rẹ́ wọn náà gbé tiẹ̀ dé tìjà-tìjà: Boney M., 1981. Àwọn méjèèjì jàre!

Ẹni tó ní ká kùn ún sí fóònù kó lè bá wa dá orin náà mọ̀ jàre díẹ̀. Orúkọ bíi mélòó kan ló jáde, Angélique Kidjo wà níbẹ̀, ariwo wá pọ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ nípa rẹ̀ jù ló sọ pé Fadhili William ará Kẹ́ńyà ti gbé e sáwo ní èdè Swahili ṣáájú wọn. Ta ló wá ṣẹ̀dá orin náà gan-an? Àwọn kan ní Fadhili, àwọn kan ní Adam Salim. Mi ò lè dá ẹjọ́ yẹn.



Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi etí dá wọn mọ̀: ohùn ọkùnrin máa ń bá Makeba kọ ọ́ nínú àwo 1965, ti Boney M., ìlù ijó dísíkò ló gbé e.