Ta ni kí n fi ṣe oníbàárà tínú ń bí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ilé la ní ní Táíwò, n'Ílọrin, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ fi 40 ìṣẹ́jú kọ́ wọn láàárọ̀, lórí ohun kan ṣoṣo: oníbàárà tó fi ìbínú dá fáànù padà. Kí wọ́n kí i, kó sọ tẹnu ẹ̀ tán, kí wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ sọ fún un, kó mọ̀ pé ó yé wọn, kí wọ́n tó sọ ohun tá a máa ṣe àti ọjọ́ tá a máa ṣe é. Wọ́n á fi ṣeré wò: ẹnìkan á ṣe oníbàárà, èkejì á dá a lóhùn, ẹ̀kẹta á máa wò wọ́n. Àmọ́ ojú ara wọn ni wọ́n á máa wò, ẹni tó ń ṣe oníbàárà ò ní lè bínú dáadáa. “Ẹ má bínú, mà” kan péré, ìjà ti parí. Ṣé kí n pe ará ìta wá ṣe é ni, àbí kí n kọ ohun tí oníbàárà á sọ sílẹ̀?