Àtàrí mi ń pá, ẹ̀gbẹ́ orí kún: ṣé kí n fá gbogbo rẹ̀ ni?

Ẹ kú ilé o. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí irun àtàrí mi ti ń fẹ́lẹ́, awọ orí ti ń hàn. Ṣùgbọ́n irun ẹ̀bá etí àti ìpàkọ́ kún bámúbámú. Mo dá a sí kí n lè fi bo àárín, kò bò ó. Ìyàwó mi ní kí n fá a kodoro. Bí kò bá wá bá mi mu ńkọ́?

Bàbá Ìbejì: Fá a, jàre. Bí o bá ń fi abẹ fá a léraléra, èyí tó máa hù á ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Onígbàjámọ̀: Bàbá, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ kì í dé gbòǹgbò irun. Ojú ibi tó gé ló kú pọ́nńkú, ìyẹn ló ń le lọ́wọ́ wa. Arákùnrin, irun ẹ̀gbẹ́ tó kún yẹn ló ń tú àárín fó. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi kílípà gé àtàrí ku mìlímítà 3, kí ẹ̀gbẹ́ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi bẹ́ẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ méjì. Bí àtàrí bá ṣì ń hàn jù, kí wọ́n fi kílípà gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Abẹ ló kẹ́yìn.

Oníbàárà mi kan sáré fi abẹ fá a. Lọ́jọ́ kìíní, ó dán, ó wù ú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbẹ́ ti dúdú, àárín funfun, ó dà bí ẹni dé òṣùká. Ló bá ń fá a lọ́jọ́ méjì-méjì. Irun rẹ̀ lọ́, orí irun wọnú ẹran padà, kókó sú sí ìpàkọ́ rẹ̀. Kílípà la padà sí.

Ìyá Àdùkẹ́: Tèmi, iwájú ló pá. Dídì líle ló fà á. Ṣé ẹ máa ń dirun ni?

Olùbéèrè: Rárá, mà. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi náà pá láàárín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ṣé ó ń ta yín, tàbí ó ń yún yín? Ṣé ojú ibẹ̀ ń dán bíi pé ihò irun ti dí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí dókítà awọ ara kí ẹ tó fá ohunkóhun, torí irú ìyẹn máa ń pa gbòǹgbò irun.

Olùbéèrè: Kò ta mí, kò yún mi, kò sì dán.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Á jọ ti ìdílé. Oògùn ìpara orí tí wọ́n ń pè ní mìnọ́sídíìlì lè dá a dúró fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹ óò máa fi í pa á lójoojúmọ́ fún bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, ohun tó hù á tún lọ.

Olùbéèrè: Màá fi kílípà bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí a bá gé e mọ́lẹ̀, ṣé òṣùká yẹn ò ní hàn?

Onígbàjámọ̀: Á hàn díẹ̀. Ẹ bọ́ sínú oòrùn, kí ìyàwó yín yà yín ní fọ́tò láti òkè, ẹ óò rí bó ṣe ń hàn tó.

Bàbá Ìbejì: Èmi ṣì gbà pé abẹ ló dáa jù.