"Tàbí" inú géètì: ọ̀kan ni, àbí méjèèjì náà wọlé?

Olùkọ́ ìṣirò: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àlọ́ géètì lọ́jíìkì yìí lédè Yorùbá, mo sì pe OR ní "géètì tàbí". Ìdajì kíláàsì ní gílóòbù ti kú tẹ́lẹ̀, pé kò sí súìṣì tí a fẹ́ yí. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ló burú ni, àbí àwọn ọmọ ni kò gbọ́?

```
gilobu = (A AND B) XOR (C OR D)
A=1  B=0  C=1  D=1
```

Ohun tí mo bi wọ́n ni pé: súìṣì kan ṣoṣo wo la gbọ́dọ̀ yí kí iná lè kú?

Atúmọ̀-èdè: Àwọn ọmọ gbọ́ Yorùbá dáadáa, òun ló kó bá wọn. Tí ẹ bá ní kí ọmọ mú ìwé tàbí bírò, ṣé méjèèjì ló máa kó? Ọmọ tó rí i pé C àti D jọ wà ní 1 á ní "tàbí" ti bàjẹ́, á kọ 0. A àti B náà ti fún un ní 0, torí B kò tàn. Géètì ìkẹyìn, XOR tí kì í tan iná bí apá méjèèjì bá dọ́gba, wá rí 0 àti 0, iná kú. Ìṣirò ọmọ yẹn gún. Ọ̀rọ̀ tí a fún un ló wọ́.

OR kì í yan ẹnì kan. Bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ wà nílé ló ń wò. Nítorí náà 1 ni C àti D máa gbé jáde, 0 wà lápá kejì, iná tàn. Ẹ yí C, D á ṣì gbé géètì náà ró. Ẹ yí D, C á gbé e ró. Ẹ yí A, kò sí ohun tó máa yí padà, torí B tó wà ní 0 ti dí ọ̀nà apá yẹn. Ó wá ku B. Ẹ yí i sí 1, apá A àti B di 1, apá C àti D wà ní 1 tẹ́lẹ̀, wọ́n bára dọ́gba, iná kú. Mo dábàá "géètì ó-kéré-tán-kan".

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi pa C àti D pọ̀, iná náà kú. Kí ló dé tí wọ́n fagi lé tèmi?

Olùkọ́ ìṣirò: Ó kú lóòótọ́, ọmọ mi, àmọ́ súìṣì méjì lo fi pa á. Kan ṣoṣo ni mo ní.

Oníṣẹ́ iná: Ẹ má bínú, iná tó bá kọ̀ tí kò kú, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Wọ́n ti lè so ó gba ẹ̀yìn súìṣì. Ẹ̀ẹ̀kan mo ṣe súìṣì àtẹ̀gùn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Irú ìyẹn kò ní ojú "tàn" tàbí ojú "pa". Èyíkéyìí tí ẹ bá yí, iná á yí padà. Mo ṣèèṣì pààrọ̀ wáyà méjì tó wà láàárín wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ o, àfi pé ìgbà tí ojú méjèèjì bá dọ́gba ló wá ń tàn.

Atúmọ̀-èdè: Ọ̀gá, ìdáhùn yín kò kan ìbéèrè, àmọ́ ẹ ti fún wa ní XOR! "Géètì ìyàtọ̀" ni. Èyí tí ẹ ṣèèṣì ṣe yẹn sì ni òdì rẹ̀.

Àgbà onílọ́jíìkì: Ẹ rọra. Súìṣì mẹ́ta tó bá jọ wà ní 1, 1 ni XOR máa gbé jáde. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín wọn? "Ọ̀kan-ṣoṣo" tí àwọn kan ń lò náà kò ní bá a mu. Ẹ pín àwọn 1 ní méjì-méjì: tí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, iná tàn. "Géètì ìṣẹ́kù" ni tèmi.

Ní ti "tàbí", ẹ jẹ́ kó wà. George Boole fúnra rẹ̀, tó dá ìṣirò lọ́jíìkì yìí sílẹ̀, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1854, kì í fi àmì ìròpọ̀, tó dúró fún "tàbí", so àwọn ẹgbẹ́ tó bá ní ohun kan pọ̀. William Stanley Jevons, onílọ́jíìkì bíi tirẹ̀, ló wá gbà á láàyè lẹ́yìn rẹ̀. Ìtumọ̀ ni wọ́n fẹ̀, wọn ò ju àmì nù.

Atúmọ̀-èdè: Bàbá, àmì ìròpọ̀ kò sí lẹ́nu ọmọ kó tó dé kíláàsì. "Tàbí" wà níbẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò: Mo ti gba "ìṣẹ́kù". Ní ti OR, màá kọ "ó-kéré-tán-kan" sójú pátákó lọ́jọ́ Ajé, kí n wo iye tó máa mú B.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ó gùn jù láti kọ sínú àpótí géètì, sà.