Kíkó ẹrù jáde ni àbí dídá kọ́kọ́rọ́ padà?

Olùbéèrè, Ìkẹjà: Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ àwọn ìdáhùn tí òṣìṣẹ́ ilé ìtura wa yóò máa lò. Àlejò fẹ́ wà nínú yàrá di aago 3 ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ aago 12 ni ó yẹ kí ó kúrò, ẹni tó gba yàrá náà tẹ̀ lé e sì ti ránṣẹ́ pé aago 1 lòun ń bọ̀. Báwo ni a ó ṣe sọ pé kò ṣeé ṣe, tí a ó sì sọ pé a ó bá a mú ẹrù rẹ̀ dání, kí ó má dà bí ẹni pé a ń lé e? Kí sì ni a ó pe wákàtí tí à ń kúrò náà?

Olùkọ́ èdè, Ìjẹ̀bú-Òde: "Àkókò ìkẹ́rùjáde" ni mo dá lábàá. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ rọrùn, kò sì ní rú ẹnikẹ́ni lójú, nítorí pé ohun tí àlejò ń ṣe gan-an ni ó ń sọ. Ní ti ìdáhùn, "A kò lè gba ìbéèrè yín" ti tó.

Ẹni tó ti ń gba àlejò fún ọdún 14, Èkó: Mo bọ̀wọ̀ fún olùkọ́, ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò sì ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti háyà ilé rí nílùú Èkó yóò ta gìrì bí ó bá gbọ́ ọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí onílé ń sọ fún ayálégbé tó jẹ owó ilé ni "kó ẹrù rẹ jáde". Ohun tí àwa ń wí ni pé "aago 12 ni ẹ ó dá kọ́kọ́rọ́ padà", n kò sì tíì rí ẹni tó bínú sí i.

Ibi tí ìdáhùn ti ń bàjẹ́ ni "a ó wò ó". Òṣìṣẹ́ tí ojú ń tì láti sọ pé rárá ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, àlejò yóò gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ti gbà, yóò sì padà lọ sùn. Nígbà tí aago 12 bá fi ìṣẹ́jú 20 kọjá, a ó kan ilẹ̀kùn, yóò yọjú tòun ti tówẹ̀lì ní ìbàdí, ìjà dé nìyẹn. Yàrá tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ máa ń gbà wá tó ìṣẹ́jú 45 láti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, kí a fọ balùwẹ̀, kí a sì nu ilẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ní aago 1 ti jẹ gbogbo àyè náà tán. Báyìí ni èmi yóò ṣe kọ ọ́:

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, yàrá yín kò ní lè wà lọ́wọ́ yín kọjá aago 12 lónìí, nítorí pé a ti fi í fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a bá yín tọ́jú ẹrù yín nísàlẹ̀ di aago 9 alẹ́, a kò ní gba owó kankan. Ẹ lè jókòó sí gbọ̀ngàn, ẹ sì lè wẹ̀ ní balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ kí ẹ tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú."

N kò sọ fún un pé ẹnì kan ló fẹ́ tètè dé. Bí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, yóò ní kí a lọ bẹ ẹni náà kó dúró.

Onílé kan, Kútọnu: Ayálégbé tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ìwé oṣù kan ni mo fún un kí ó tó kúrò.

Ẹni tó ń gba àlejò: Ayálégbé kọ́ ni à ń sọ, bàbá. Àlejò ọjọ́ méjì ni.

Atúmọ̀ èdè, Lọ́ndọ̀nù: "Kọ́kọ́rọ́" kò ní pẹ́ di ìṣòro, nítorí pé káàdì ni ilé ìtura púpọ̀ ń lò báyìí, àwọn mìíràn sì ń fi nọ́mbà ṣílẹ̀kùn. Ẹ wo "wákàtí ìdágbére". Ọ̀rọ̀ "tọ́jú" náà ń kọ mí lóminú. Ó dùn létí ju "fi pamọ́" lọ, èyí tó dà bí ẹni pé à ń gbé ẹrù sá fún olè, ṣùgbọ́n ìlérí ńlá ni. Mo fi báàgì mi sílẹ̀ ní ibì kan rí, wọ́n ní àwọn ó bá mi tọ́jú rẹ̀. Ìwé pélébé tó ní nọ́mbà sọnù lọ́wọ́ mi, òṣìṣẹ́ ti pààrọ̀ ara wọn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sì wà nínú rẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó rí i gbà.

Ẹni tó ń gba àlejò: "Ó dágbére fáyé" ni etí tèmi gbọ́, ẹ jọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ti ẹrù. Kí a tó gbà á, a máa ń bi àlejò bóyá owó, ìwé ìrìnnà, oògùn tàbí kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, kí ó yọ wọ́n sọ́wọ́. A ó ka ẹrù lójú rẹ̀, a ó ya ìwé oní-nọ́mbà sí méjì, a ó so ìdajì kan mọ́ ọn, a ó sì fún un ní ìdajì kejì. Orúkọ àti fóònù rẹ̀ yóò wà nínú ìwé wa, nítorí irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yẹn.

Olùkọ́ èdè: Mo gbà nípa ẹ̀rù tí ọ̀rọ̀ mi lè dá bani. Síbẹ̀, gbólóhùn ni "ẹ ó dá kọ́kọ́rọ́ padà", kì í ṣe orúkọ. Kí ni a ó kọ sára ògiri?

Olùbéèrè: Mo ti mú ìdáhùn náà lọ bí ó ṣe wà, mo sì fi ìbéèrè nípa owó àti oògùn kún un. Ti ara ògiri ni n kò tíì mọ̀. Káàdì ni àwa náà ń lò.